Gígé ẹ̀yìn fọ́tò ọjà kúrò: èwo nínú ọ̀nà mẹ́rin yìí ló yẹ kí o sanwó fún?

Gbé ife dúdú kan tó ń dán sórí tábìlì, yà á, kí o sì ní kí irinṣẹ́ mẹ́rin gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò. Gbogbo wọn ni yóò gé e dáadáa. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń ta irinṣẹ́ wọ̀nyí sì máa ń fi hàn wá. Ibi tí ìyàtọ̀ ti máa ń yọ ni ọjà tó ṣòro gé: irun wíìgì, aṣọ léèsì, ihò inú ìdìmú kọ́ọ̀pù, àti èyí tó le jù nínú wọn, gíláàsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú igò lọ́fínńdà kan dán wọn wò: gíláàsì tó mọ́ gaara, omi aláwọ̀ oyin tó dé ìdajì rẹ̀, ìdérí aláwọ̀ góòlù. Orí tábìlì onígi ni mo ti kọ́kọ́ yà á.

Irinṣẹ́ tó ń gé e fúnra rẹ̀

remove.bg àti Background Remover inú Canva ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. O gbé fọ́tò sí i, kò pẹ́ rárá, ó ti gé e. Fún bàtà, àpò, ìwé àti páálí ọjà, mi ò rí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi fi ọwọ́ ṣe é.

Ṣùgbọ́n wo ìwọ̀n fọ́tò tí wọ́n ń dá padà kí o tó yọ̀. Ní remove.bg, èyí tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́ kò ju ìdámẹ́rin mílíọ̀nù píksẹ́lì lọ. Bí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́tò bá dọ́gba, 500 × 500 nìyẹn. Amazon, ní tirẹ̀, ń fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù tó 1000 píksẹ́lì kí oníbàárà tó lè fa ọjà mọ́ra wò. Àfi kí o san kírẹ́díìtì kan lórí fọ́tò kọ̀ọ̀kan kí o tó gbà á ní títóbi tó o yà á. Ti Canva wà lára Canva Pro, owó kan náà lo máa san yálà o gé fọ́tò mẹ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún.

Igò mi ńkọ́? Ìdérí rẹ̀ jáde bí ẹni fi abẹ gé e. Ṣùgbọ́n lókè omi, níbi tí gíláàsì ti ṣófo, àwọ̀ igi tábìlì ṣì wà níbẹ̀. Lórí ẹ̀yìn funfun, ó dà bí igò tí a kò fọ̀. Mo tún un yà láti igun mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí irinṣẹ́ náà ka ibi tó ṣófo sí ẹ̀yìn fọ́tò, ó gé e dànù, ìdérí sì wá léfòó lókè omi.

Fífi ọwọ́ ara ẹni gé e

Pen Tool inú Photoshop, tàbí Paths inú GIMP tí kò gba kọ́bọ̀. Photopea náà ní Pen Tool, inú bùráúsà ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ojúámì lo máa to yí ọjà ká, wàá sì tẹ ìlà tó so wọ́n pọ̀ kó lè bá ara ọjà lọ. Fa ìlà náà sínú ọjà díẹ̀, bíi píksẹ́lì kan, kí àwọ̀ ẹ̀yìn àtijọ́ má bàa dúró bí òrùka yí i ká.

Ó gbà mí ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Etí igò dán, kò sí gbọ́ngbọ̀n-gbọ́ngbọ̀n kankan lára rẹ̀. Àwọ̀ igi ṣì wà nínú gíláàsì. Ìlà tí a fà yí igò ká kò lè yọ ohun tó ti wà nínú igò, bó ti wù kí ọwọ́ ẹni tó fà á dá múṣé tó.

Gbígbé e fún oníṣẹ́

Àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń dá owó lé fọ́tò kọ̀ọ̀kan, bó bá ṣe ṣòro tó. Ó dára fún ẹni tó ní ọjà ọ̀nà ọgọ́rùn-ún tí kò sì ráyè jókòó. Béèrè fáìlì PSD, ti Photoshop, tí ìlà gígé ṣì wà nínú rẹ̀, má gba PNG nìkan, kí ẹlòmíràn lè tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn. Sọ fún wọn pé kí wọ́n fi òjìji abẹ́ ọjà sílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọjà rẹ yóò máa fò lófuurufú. Ṣùgbọ́n bí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ bá ní àwọ̀ igi nínú gíláàsì, ńṣe ni oníṣẹ́ yóò máa kun igò náà láti inú orí ara rẹ̀, ohun tí oníbàárà yóò rà kọ́ nìyẹn mọ́.

Yíyà á lórí funfun látìbẹ̀rẹ̀

Ọ̀nà tí mo gbà gbọ́ jù fún gíláàsì nìyí, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Mo gbé páálí funfun sẹ́yìn igò, mo sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sórí páálí náà. Mo wá gbé páálí dúdú méjì sí ọ̀tún àti òsì igò, níbi tí kámẹ́rà kò ti rí wọn. Gíláàsì máa ń gbé ohun tó wà nítòsí rẹ̀ sí etí ara rẹ̀, nítorí náà páálí dúdú yìí fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sí etí igò méjèèjì. Láìsí ìlà yẹn, igò yóò wọnú funfun lọ, kò ní hàn mọ́.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí Levels inú Photopea, mo fa àmì funfun tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wá sósì díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn igò fi di 255, 255, 255, ìyẹn funfun pátápátá. Funfun tí Amazon ń béèrè fún àwòrán àkọ́kọ́ nìyẹn. Bí o bá fà á jù, ìlà etí igò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́. Ibẹ̀ ni kí o ti dúró. Mi ò gé ohunkóhun, òjìji abẹ́ igò sì wà níbẹ̀ bó ṣe wà gan-an.

Bí o bá fẹ́ ẹ̀yìn aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ dípò funfun, gbé fọ́tò yìí sórí àwọ̀ náà kí o sì yí ọ̀nà tó gbà ń dà pọ̀ mọ́ ọn sí Multiply. Funfun rẹ̀ yóò pòórá, gíláàsì yóò sì jẹ́ kí àwọ̀ tuntun hàn nínú rẹ̀. Àwọ̀ yẹn yóò ran ìdérí góòlù náà, nítorí náà fi Pen Tool gé ìdérí nìkan, kí o sì gbé e lé orí rẹ̀ ní Normal. Ẹ̀yìn tó dúdú kò bá ọ̀nà yìí mu. Gbogbo igò ni yóò ṣókùnkùn.

| Ọ̀nà | Igò gíláàsì | Ọjà tí ara rẹ̀ kò hàn kọjá | Ohun tó ń ná ọ |
|---|---|---|---|
| Irinṣẹ́ aládàáṣe | Kò dára | Ó dára púpọ̀ | Kírẹ́díìtì tàbí owó oṣù |
| Pen Tool | Etí nìkan | Ó dára púpọ̀ | Àkókò |
| Oníṣẹ́ | Bí fọ́tò bá ṣe rí | Ó dára púpọ̀ | Owó lórí fọ́tò kọ̀ọ̀kan |
| Yíyà á lórí funfun | Ó dára jù | Ó dára, àyàfi ọjà funfun | Páálí àti ìmọ́lẹ̀ |

Èyí tó wù kí o fẹ́ rà, mú ọjà rẹ tó ṣòro jù fi dán an wò, má mú èyí tó rọrùn. Gbé èyí tí wọ́n gé sórí àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀, kí o sì wò ó ní 200%: òrùka funfun, irun tó já àti ihò ìdìmú tí wọn kò gé yóò hàn kedere, bẹ́ẹ̀ lórí funfun ni wọ́n ti sá pamọ́. Fi Eyedropper, irinṣẹ́ tó ń ka iye àwọ̀, tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọ́tò tó jẹ́ ti ẹ̀yìn funfun pẹ̀lú. 250 kò yàtọ̀ sí 255 lójú wa, ṣùgbọ́n lórí ojú ìwé ìsọ̀ tó funfun, yóò yọ bí àpótí eérú yí ọjà ká. PNG ni kí o fi pa èyí tí kò ní ẹ̀yìn mọ́, nítorí JPEG kò lè gbé ibi tó ṣófo, yóò fi funfun tàbí dúdú dí i fún ọ.