Ìwé Àkọsílẹ̀ Òwò: Ìwé Báírò, Tábìlì Kọ̀ǹpútà àbí Áàpù?

Irú ìwé mẹ́ta tí tíréédà fi ń kọ òwò pàṣípààrọ̀ owó rẹ̀ sílẹ̀ ló wà lórí àtẹ: ìwé títẹ̀ tí à ń fi báírò kọ, tábìlì Excel tàbí Google Sheets, àti áàpù tó ń fa òwò yín wọlé fúnra rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ búrókà. Kò sí èyí tí kò ní àyè fún iye ìwọlé àti iye ìjáde, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ìyẹn wọ̀ yín lójú. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ọwọ́ tí wọ́n fi mú ipò ọkàn, àti ohun tí wọ́n ṣe sí sítọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, ìyẹn iye tí òwò á ti parí fúnra rẹ̀ kí àdánù má bàa pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká fi òwò kan dán wọn wò. Tíréédà kan ra EUR/USD ní 1.0850, ó fi sítọ́ọ̀pù sí 1.0820, ó sì pinnu láti jáde ní 1.0910. Pípù 30 ni ewu tó gbé, 0.0001 sì ni pípù kan. Ìyẹn ni 1R, ìwọ̀n ewu kan. Tí ọjà bá dé ibi tó fojú sùn, 2R ni yóò kó. Ọjà gòkè díẹ̀, ó sẹ́rí padà, àyà ọ̀gá já, ó sì jáde ní 1.0862. Pípù 12 péré ló rí, 0.4R. Ìwé tó ń wo èrè nìkan á kun òwò yìí ní àwọ̀ ewé, á sì kọjá lọ. Èyí tó dára gbọ́dọ̀ ní òpó méjì fún ìjáde, ọ̀kan fún èyí tí a pinnu, ọ̀kan fún èyí tó ṣẹlẹ̀, kí ó sì béèrè ipò ọkàn lẹ́ẹ̀mejì: nígbà ìwọlé àti nígbà ìjáde.

Tábìlì kọ̀ǹpútà ló rọrùn jù láti tún ṣe bó bá ṣe wù yín. Tí iye ìwọlé bá wà ní D, sítọ́ọ̀pù ní E, ìjáde gan-an ní F, fọ́múlà R nìyí:

```
=(F2-D2)/(D2-E2)
```

Ó ṣiṣẹ́ fún rírà, ó ṣiṣẹ́ fún títà, ẹ kò ní í yí àmì kankan padà. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kí ènìyàn sún sítọ́ọ̀pù lọ sí ibi tó ti wọlé, kó sì kọ iye tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Òdo ni yóò wà nísàlẹ̀, `#DIV/0!` á sì yọjú. Tó bá jẹ́ pé ó sún un díẹ̀ ni, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí R á ga láìtọ́, kò sì ní sí àmì tó máa ta yín lólobó. Tábìlì tí kò bá ya òpó sítọ́ọ̀pù àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹ tún wo bó ṣe ń kọ àkókò. Àwọn kan fi `=NOW()` sí i, àmọ́ iye yẹn ń yí padà nígbàkígbà tí tábìlì bá tún ìṣirò ṣe, òwò àárọ̀ á wá di ti alẹ́. `Ctrl+Shift+;` ló ń fi aago sílẹ̀ tí kò ní í yẹ̀.

Ní ti ipò ọkàn, àṣàyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tí à ń tẹ̀ ló dára: ìfọ̀kànbalẹ̀, ìbẹ̀rù, ìkánjú, ojúkòkòrò, ìgbẹ̀san. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, "ẹ̀rù bà mí" lónìí, "àyà mi já" lọ́la, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé nǹkan kan náà ni. Tí orúkọ bá bára mu, tí R sì wà ní G, ipò ọkàn ìjáde ní H, ẹ lè béèrè ohun tí ìbẹ̀rù ń ná yín:

```
=AVERAGEIF(H:H,"ìbẹ̀rù",G:G)
```

Ìwé báírò kò lè ṣe ìyẹn láéláé. Ohun tó fi bọ́ lọ́wọ́ yẹ̀yẹ́ ni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ nígbà tí òwò ṣì ń lọ, kò sì sí ẹni tó lè dọ́gbọ́n pa ohun tó kọ ṣáájú rẹ́.

Áàpù ló ń mú iye wá láìṣìṣe, pẹ̀lú owó iṣẹ́ búrókà. Ẹni tó ń ṣe òwò ogún lóòjọ́ nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí búrókà mọ̀ nìkan ló lè fà wọlé, búrókà kò sì mọ ọkàn yín. Àpótí ipò ọkàn á ṣófo títí di òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí èsì ti hàn. Òwò tó jèrè á wá di "ìfọ̀kànbalẹ̀", èyí tó pàdánù á di "ìkánjú". Nítorí náà, ẹ wá áàpù tó lè béèrè ipò ọkàn lórí fóònù kí òwò tó parí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi òwò kan tí ẹ pín ìjáde rẹ̀ sí méjì dán an wò: ìdajì ní 1R, ìdajì ní 2R. 1.5R ló yẹ kó fi hàn. Tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ bí òwò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iye òwò tí ẹ jèrè nínú rẹ̀ á máa pọ̀ ju bó ṣe rí lọ. Ẹ sì tẹ bọ́tìnnì tó ń gbé àkọsílẹ̀ jáde sí CSV, kí ẹ ṣí fáìlì náà, kí ẹ wò bóyá òpó ipò ọkàn bá a jáde. Àwọn áàpù kan ń gbé iye nìkan jáde.