Ẹ ṣọ́ra fáwọn tó ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù l'Ábújá: bí wọ́n ṣe fẹ́ jẹ owó ìyá mi mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin ará wa l'Ábújá, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì Úmúrà fáwọn òbí yín, ẹ dákun, ẹ ka èyí ná. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà torí mo ti fẹjọ́ wọn sùn, ẹjọ́ ọ̀hún ò sì tíì parí. Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá ni kẹ́ ẹ mọ̀, torí àwọn nìkan kọ́ ló ń dá a.

Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àtàbọ̀ láti Abuja sí Jeddah ni mo ra fún Màámi, 1,180,000 náírà. Owó iṣẹ́ tiwọn jẹ́ 30,000 nínú ẹ̀, owó ọkọ̀ jẹ́ 790,000, owó orí àti owó pápákọ̀ jẹ́ 360,000. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí Màámi gbéra ni ìmeèlì dé látọ̀dọ̀ àwọn tó ni bàálù pé ọkọ̀ ọjọ́ náà ò ní lọ mọ́. Ọjọ́ mìíràn tí wọ́n fún wa kò bá wa lára mu, la bá ní ká gbowó wa.

Ọmọkùnrin tó tà á fún wa ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà kọ ọ́ sórí Wáṣáàpù pé ẹ fẹ́ kánsù, ká lè bá yín ṣe é kíá." Mo kọ ọ́. Àṣìṣe mi nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì ó fi àwòrán òfin tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi, ó fi nǹkan pupa yí ìlà kan po: "TICKET IS NON-REFUNDABLE IN CASE OF CANCEL". Ó ní owó orí nìkan ló máa padà, àwọn á sì yọ 60,000 fún wàhálà àwọn. 300,000 ló fẹ́ kó fún mi nínú owó tó lé ní mílíọ̀nù kan!

Mo ní kó fi gbogbo ojú ewé náà ránṣẹ́. Abẹ́ àkọlé PENALTIES ni ìlà yẹn wà, èrò ọkọ̀ tó fúnra rẹ̀ yí ọkàn padà ló ń bá wí. Tó bá jẹ́ àwọn tó ni bàálù ló fagi lé e, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: INVOLUNTARY REFUND ni wọ́n ń kọ sí i lórí kọ̀ǹpútà, ìtanràn yẹn ò sì kàn án. Tí tíkẹ́ẹ̀tì ò bá tíì rìn rárá, owó ọkọ̀ àti owó orí ló ń padà lódindi. Tẹ́ ẹ bá ti lo àlọ, iye tó jẹ́ ti àbọ̀ ló kù fún yín. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tó fi ń lé mi kí n kọ "mo fẹ́ kánsù". Ó fẹ́ kó dà bíi pé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

Ó lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta tá a fi ń bá a fà á. "Wọn ò tíì dá wa lóhùn" lorin rẹ̀. Ìgbà tó sú mi, mo wo tíkẹ́ẹ̀tì tó wà nínú ìmeèlì, mo wá nọ́ńbà rẹ̀. Kì í ṣe kóòdù ẹlẹ́yọ mẹ́fà tí wọ́n fi gba àyè sílẹ̀ o. Nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ díjíìtì 13, mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń sọ ilé iṣẹ́ bàálù tó ni ín. Mo pe àwọn oníbàálù, mo kà á fún wọn, mo béèrè ipò tó wà. Obìnrin tó gbé e ní REFUNDED ló ń hàn sóun, ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, 1,150,000 pé pérépéré. Àwọn ò lè san án fún mi, torí ọwọ́ ẹni tó sanwó wọlé lowó ń padà sí, ìyẹn ẹ̀jẹ́ǹtì. Àmọ́ ó bá mi kọ ọ́ sínú ìmeèlì.

Ìmeèlì yẹn ni mo so mọ́ lẹ́tà tí mo kọ sí ọ̀gá wọn: "Àwọn oníbàálù ló fagi lé ìrìn àjò yìí, kì í ṣe ìyá mi. Tíkẹ́ẹ̀tì ò tíì rìn. Owó ti dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ san 1,150,000." Mo fi àwòrán ìmeèlì ìfagilé tì í, mo sì sọ pé màá mú un lọ sọ́dọ̀ NCAA tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù àti FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Wọn ò pè mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó di àárọ̀, áláàtì wọlé: 1,090,000.

30,000 owó iṣẹ́, mi ò bá wọn jà sí i. Wọ́n ṣiṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n 60,000 "wàhálà" yẹn ò sí nínú rìsíìtì, kò sí nínú òfin tíkẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ò sì bá mi sọ ọ́ kí n tó sanwó. Òun ni ìwé mi tó wà lọ́dọ̀ FCCPC báyìí ń bá wí. Màámi ní kí n fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mo ní Ọlọ́run á bá mi dá sí i, ìwé náà á ṣì wà níbẹ̀.