Owó ẹ̀dà àti owó gbangba: èwo ni kí òǹkọ̀wé orin kọ́kọ́ mójú tó?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ okòwò orin kì í yéé béèrè èyí. Ní Amẹ́ríkà, owó ẹ̀dà ni èyí tí orin ń pa bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí àwo; owó gbangba ni ti rédíò, gbọ̀ngàn àti ilé ọtí.

Owó ẹ̀dà ṣeé ṣírò. Lọ́dún 2025, sẹ́ǹtì 12.7 ni lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan orin tí kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ẹgbẹ̀rún àwo á pa dọ́là 127. Bí ẹ bá jẹ́ méjì tẹ́ ẹ kọ ọ́, dọ́là 63.50 ló kàn ọ́, kí pọ́blíṣà, ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó ẹ̀tọ́ orin, tó yọ tirẹ̀. Owó gbangba kò ní iye pàtó, àmọ́ ASCAP tàbí BMI, àwọn àjọ tó ń gba owó gbangba jọ, máa ń san ìpín òǹkọ̀wé fún un tààrà.

Spotify ló ń da orí wọn rú, torí méjèèjì ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní pọ́blíṣà á forúkọ sílẹ̀ sí BMI, á rò pé ó parí, nígbà tí owó ẹ̀dà rẹ̀ jókòó sọ́dọ̀ MLC, àjọ tó ń gba owó ẹ̀dà lọ́wọ́ Spotify. Bí ìwé ìṣirò kan ṣoṣo bá ń dé, ìyẹn ni kó o fura sí.

Bó o bá ń ta àwo, owó ẹ̀dà ni kó o kọ́kọ́ tọ̀. Bó bá jẹ́ rédíò ló ń gbé orin rẹ, owó gbangba ni.