Sítà-dẹ́tà àbí sọ́ọ̀fù sítátà: èwo ni kẹ́ ẹ rà fún pọ́ǹpù ńlá tí iná yín ò bá pé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra pánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi ń tan mọ́tò pọ́ǹpù, yálà sítà-dẹ́tà tàbí sọ́ọ̀fù sítátà, ẹ má tíì sanwó o. Pọ́ǹpù kílówáàtì 55 kan wà lóko kan létí Odò Ògùn, lẹ́yìn Abẹ́òkúta níbí, òun ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Tó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, nǹkan bí áḿpù 100 ló ń jẹ. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá kàn já iná lù ú tààrà, ó lè fa 600 kó tó sáré, gbogbo gílóòbù tó wà lórí láìnì yẹn á sì ṣẹ́jú.

Sítà-dẹ́tà máa ń kọ́kọ́ so wáyà mọ́tò ní sítà, táímà ẹ̀ á wá yí i sí dẹ́tà tó bá yá; sítà yẹn á sọ 600 di 200. Sọ́ọ̀fù sítátà tẹ́ ẹ sẹ́ẹ̀tì sí ìlọ́po mẹ́ta áḿpù 100 yẹn á fa 300. Ṣẹ́ ẹ rí i, sítà ló kéré, òun náà ló pọ́ọ́kú, ibẹ̀ gan-an ló ti ń tan èèyàn.

Torí agbára tí mọ́tò fi ń yí náà ti di ìdá kan nínú mẹ́ta. Ká ní iná pé 400 fóòtì, ó lè gbé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo lọ, 350 ni mo bá, agbára yẹn ò wá ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ mọ́, fáàfù tó ń gbé omi jáde sì ṣí gbayawu, mọ́tò kàn ń kùn ni kò lè sáré dójú ẹ̀. Táímà ò kúkú mọ̀yẹn, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ pé, ó yí i sí dẹ́tà, gbàà! Kìlám̀pù mítà tí mo ti tẹ MAX lórí ẹ̀ fò kọjá áḿpù 400, iná já wálẹ̀, kọ́ńtákítọ̀ tó ń já iná lu mọ́tò ń ta kẹ́kẹ́kẹ́.

Ẹ wo kọ́réǹtì nígbà tó ṣì wà ní sítà: tí kò bá tíì lọ sílẹ̀ kí táímà tó yí i, mọ́tò ò tíì sáré tó nìyẹn. Ẹ ti fáàfù yẹn kẹ́rù mọ́tò lè fúyẹ́, ẹ fi díẹ̀ kún táímà, ẹ ṣí fáàfù lẹ́yìn tí mọ́tò bá ti sáré tán. Ohun tá a ṣe nìyẹn, ó sì gbọ́.

Sọ́ọ̀fù sítátà ò ní gbàà yẹn rárá, díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé fóòtì sókè, ó tún lè rọra pa pọ́ǹpù kí omi má baà gbá páìpù. Àmọ́ kì í ṣe idán o: tẹ́ ẹ bá sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ kéré jù nígbà tí iná ò pé, mọ́tò á dúró síbẹ̀ á máa gbóná, á sì tíríìpù. Tó bá sì bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo ẹlẹ́tíríṣíàn ló lè ṣí i, nígbà tó jẹ́ pé kọ́ńtákítọ̀ sítà-dẹ́tà ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Témi: tẹ́ ẹ bá ní tiransifọ́mà tiyín nítòsí, tí ẹnì kan sì wà tó máa ń ti fáàfù, ẹ ra sítà-dẹ́tà. Tó bá jẹ́ láìnì gígùn tẹ́ ẹ jọ ń lò pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò ni, tàbí jẹnẹrétọ̀ tí ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju pọ́ǹpù lọ, sọ́ọ̀fù sítátà ni o.

Kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà, ẹ ka wáyà tó jáde lára mọ́tò. Tó bá jẹ́ mẹ́ta péré, bí ọ̀pọ̀ pọ́ǹpù inú bóòhò ṣe rí, sítà-dẹ́tà ò lè ṣeé ṣe, mẹ́fà ló ń fẹ́.