Pupa ẹyin nínú ọbẹ̀: ṣé kí a dà á sí i tààrà ni?

Lánàá, nílé wa n'Ífẹ̀, mo da pupa ẹyin méjì tààrà sínú omi adìẹ tó ń hó, kí ọbẹ̀ náà lè ki. Kíá ló dì wóró-wóró bí ẹyin díndín. Ajọ̀ ni mo fi sẹ́ ẹ!

Ọ̀nà kejì sàn jù. Po pupa ẹyin nínú abọ́, kí o máa ta omi adìẹ gbígbóná náà sí i díẹ̀díẹ̀, tó ìpọnbẹ̀ kan, kí o máa rò ó láìdúró. Omi á là á, kò ní ráyè dì. Dà á padà sínú ọbẹ̀ lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́, má jẹ́ kó hó: bó bá kọjá nǹkan bí 85°C, yóò ṣì dì, àfi tí ìyẹ̀fun bá wà nínú ọbẹ̀. Fi ìka fa ìlà sẹ́yìn ṣíbí. Bí ìlà náà kò bá pa dé, ó ti ki tó.