Kòrólà tí wọ́n tẹ SALVAGE sí ìwé rẹ̀: bí mo ṣe rà á ní Ìlọrin

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ náà gbé mi dé Òmù-Àrán lónìí láìsí wàhálà kankan. Ẹni tó bá mọ Kòrólà 2015 ti mọ bó ṣe ń jẹ epo, n ò ní wí nǹkan kan lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìwé rẹ̀ ni mo bá wá. Wọ́n tẹ SALVAGE sí i ní Amẹ́ríkà: ilé-iṣẹ́ adójútòfò wò ó pé owó àtúnṣe rẹ̀ ti pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ tó, wọ́n sanwó fún olówó rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí gbàǹjo.

Dílà tí mo bá pàdé ní Ìlọrin kò fi ìwé yìí pamọ́, mo sì yìn ín. Ọ̀pọ̀ ló máa pe irú rẹ̀ ní tòkunbọ̀ tí nǹkan kan ò ṣe, tí wọ́n á sì gba owó tòkunbọ̀ pé. Ọmọkùnrin tó ń bá a tajà fi àwòrán hàn mí lórí fóònù: búùtù ti wọlé, bọ́ńpà ẹ̀yìn ti já. "Màmá, ẹ̀yìn nìkan ni. Ẹ́ńjìnnì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́gbọ́n mu. Bí èèyàn á bá ra irú ọkọ̀ yìí rárá, èyí tí wọ́n gbá lẹ́yìn sàn ju èyí tí wọ́n gbá níwájú lọ. Èyí tí àgbàrá wọ̀, kó má tilẹ̀ dúró wò ó, torí omi á máa jẹ wáyà rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ fún ọdún gbọọrọ.

Kí n tó san owó, mo mú ríwáyà wa lọ. Ó ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ sí ON, kí n má tíì dáná. Iná SRS, ìyẹn iná ẹ́ábáàgì, tàn díẹ̀, ó sì kú. Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn. Bí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ iná náà. Ọkàn mi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ríwáyà fa bẹ́líìtì ìjókòó awakọ̀, bẹ́líìtì kò padà sílé. Ó dákẹ́. Ó ní nígbà tí ẹ́ábáàgì iwájú bá bẹ́, bẹ́líìtì náà a máa fún èèyàn mọ́ ìjókòó lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ó tú orí bátìrì, ó dúró díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ kú, ó wá ṣí ojú sítíárìn. Kò sí ẹ́ábáàgì níbẹ̀! Rẹsísítọ̀ kan tí kò ju hóró ìrẹsì lọ ni wọ́n so mọ́ orí wáyà rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ a máa ti iná díẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá láti mọ̀ bóyá ẹ́ábáàgì wà. Rẹsísítọ̀ yìí ń purọ́ fún un pé ó wà. Ìdí nìyẹn tí iná fi kú bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

A tẹ nọ́mbà ṣáásì, lẹ́tà àti nọ́mbà 17 náà, sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé gbàǹjo rẹ̀ jáde:

```
PRIMARY DAMAGE: REAR END
SECONDARY DAMAGE: FRONT END
```

Wọ́n gbá a lẹ́yìn, ó sì lọ kọlu ọkọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ́ábáàgì tó rọ̀ sílẹ̀ lójú sítíárìn hàn gbangba nínú àwọn àwòrán tí ọmọkùnrin yẹn fò.

Nígbà tí mo bi í, ó ní: "Màmá, ta ló ń lo ẹ́ábáàgì ní Nàìjíríà?" Ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo ni mò ń gbà, èmi àti àwọn ọmọ ọmọ mi, pẹ̀lú tírélà níwá lẹ́yìn. Mo fi ìbínú pè é ní òpùrọ́ lójú gbogbo èèyàn.

Ariwo wa ló mú Àlàájì, dílà náà fúnra rẹ̀, jáde. Ó bẹ̀ mí, ó fún mi ní àga, ó wo àwòrán náà dáadáa, kò sì jiyàn. Òun ló sanwó ẹ́ábáàgì iwájú méjèèjì, bẹ́líìtì iwájú méjèèjì àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ nọ́mbà ọkọ̀ tí wọ́n ti tú ẹ́ábáàgì náà wá fún mi, kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí àwọn ẹ́ábáàgì Takata tí wọ́n pè padà, tí irin ń fò jáde lára wọn. Ó ṣe é. Òun fúnra rẹ̀ ló tún bá wa lọ sọ́dọ̀ panẹ́ẹ̀lì bítà.

Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé màá rà á. Panẹ́ẹ̀lì bítà ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi téèpù wọn inú rẹ̀ ní ìdábùú, láti bóòtù iwájú lọ́tùn-ún dé ti ẹ̀yìn lósì, ó sì wọn èkejì náà bẹ́ẹ̀. Méjèèjì dọ́gba. Ká ní wọn ò dọ́gba ni, ṣáásì ti yẹ̀, kò sì sí iye tí wọ́n lè dín tí màá fi gbé e. Irin tó di rédíétọ̀ mú nìkan ni wọ́n ti pààrọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀ sì mọ́.

Àlàájì tún dín owó rẹ̀ títí ó fi wá sí nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta owó irú rẹ̀ tí ìwé rẹ̀ mọ́. Kò yẹ kéèyàn san jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí bí mo bá fẹ́ tà á lọ́la, ẹni tó bá tẹ nọ́mbà ṣáásì yẹn á rí ohun tí mo rí. Ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn: kò sẹ́ni tó lè dán ẹ́ábáàgì wò láìjẹ́ pé ó bẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ ríwáyà ni mo gbà.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọmọkùnrin yẹn kò bẹ̀ mí títí mo fi wa ọkọ̀ jáde.