Wáyà ṣájà mítà 3: iná ń tán sójú ọ̀nà

Wọ́n ní mítà 3 ni wáyà yìí, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ mo wọ̀n ọ́n, ó pé. Aṣọ tí wọ́n hun bò ó lára dára, ẹnu rẹ̀ sì wọ fóònù ṣinṣin, kò mì. ₦3,500 ni wọ́n tà á ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Alẹ́ ọjọ́ tí NẸ́PÀ mú iná wá fún wákàtí méjì péré ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀yìn yọ. Fóònù wà ní 12% nígbà tí iná dé. Nígbà tí wọ́n fi mú un lọ, 32% ló wà. Ṣájà kan náà, fóònù kan náà, wáyà àtijọ́ tó jẹ́ mítà 1 a máa gbé e kọjá 80% láàárín àkókò yẹn. Gbogbo ìgbà tó fi wà lórí wáyà tuntun, ohun tó ń kọ sójú fóònù ni `Charging slowly`.

Mo gbé e padà lọ́jọ́ kejì. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù kò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. "Ẹ̀gbọ́n, ṣájà yín ló ti gbó." Ó fi wáyà náà sí ṣájà tirẹ̀, kò yí padà. Ó mú òmíràn, èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ibi tó wà náà ló wà. Ó wá mú tẹ́sítà, ó fi wọn ẹnu wáyà náà láìfi fóònù sí i, ó ní, "Ẹ wò ó, fóòtì 5.1, kò lé kò dín. Wáyà yìí pé."

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa, torí bí wọ́n ṣe ń fi dá wa lóhùn lọ́jà nìyẹn. Wáyà tí kò gbé nǹkan kan kì í pàdánù fóòtì kankan, ìyẹn agbára tó ń ti iná lọ. Bó gùn tó mítà 10, bó tín-ín-rín bí òwú, 5.1 náà ni tẹ́sítà yóò kà lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tí iná bá ń ṣàn gba inú rẹ̀ lọ ni ìdíwọ́ wáyà tó ń jẹ fóòtì. Bí ohun tó ń ṣàn bá sì ṣe pọ̀ sí i ni ohun tó ń jẹ yóò ṣe pọ̀ sí i.

Ọ̀gá tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ló gbà wá. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó fi tẹ́sítà kékeré kan sáàárín ṣájà àti wáyà, ó fi ìkejì sáàárín wáyà àti fóònù, ó ní kí gbogbo wa máa wò ó. Lójú ṣájà, fóòtì 5.1. Lẹ́nu fóònù, fóòtì 4.43. Ohun tó ń ṣàn, áḿpù 0.52. Ọ̀rọ̀ parí.

Fóòtì 0.67 ló sọnù lọ́nà. Ẹ fi 0.52 pín in, ẹ ó rí nǹkan bí óòmù 1.3: ìdíwọ́ wáyà náà nìyẹn. Ẹ má gbàgbé pé iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà mítà 6 ni wáyà mítà 3 jẹ́ fún un. Bàbà tó tín-ín-rín tó èyí tí wọ́n ń pè ní 28AWG máa ń ní ìdíwọ́ tó tó óòmù 0.21 ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀, 1.3 náà lẹ ó bá. Kò sí àṣìṣe níbì kan, kò sì sí ohun tó bàjẹ́. Bí wọ́n ṣe ṣe wáyà náà ló ṣe ń ṣe.

Kí ló dé tí fóònù kò kàn fa áḿpù 2 tó ń fà tẹ́lẹ̀? Kò lè fà á. Bó bá fà á, fóòtì 2.6 ni yóò sọnù, ìwọ̀nba 2.5 ni yóò sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, èyí tí kò lè wọ bátìrì. Fóònù ń ṣọ́ fóòtì tó ń wọlé. Bó bá rí i pé ó ń rẹlẹ̀ jù, á dín ohun tó ń fà kù títí yóò fi rí ibi tó lè dúró. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ ṣájà lẹ́ẹ̀mejì kò fi ran ọmọ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó ràn án lọ́wọ́, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó mú ṣájà tó lè gbé fóòtì sókè sí 9 wá. Fóònù yìí mọ̀ ọ́n lò, tẹ́sítà bá fò sókè: fóòtì 9 lójú ṣájà, 7.7 lẹ́nu fóònù, áḿpù 1. Ní áḿpù 1, fóòtì 1.3 ni wáyà ń jẹ, ṣùgbọ́n 1.3 nínú 9 kò dà bí 1.3 nínú 5. Wáàtì 7.7 ń wọlé, nígbà tó jẹ́ pé 2.3 ló ń wọlé tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ lọ́tìrì. Mo fọwọ́ kan wáyà bóyá ó gbóná, mi ò gbọ́ nǹkan kan, wáàtì 1.3 tó fọ́n ká mítà 3 kò lè ta ọwọ́ jí. Nítorí náà, ẹ má fi gbígbóná wá wáyà tó ń jẹ iná.

Ìbéèrè mi ni pé kí ló dé tí wọn kò kọ ọ́ sí ara páálí. Ọ̀gá náà fi wáyà míì hàn mí nínú ike rẹ̀, ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára ni `28AWG/1P 24AWG/2C`. Ti àkọ́kọ́ ni wáyà tó ń gbé fáìlì, ti ìkejì ni èyí tó ń gbé iná, òun sì lẹ ó máa wò. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí i ni wáyà ṣe nípọn sí i. Ti 24, óòmù 0.08 ló ní ní mítà kọ̀ọ̀kan, kò tó ìdajì ti 28. Wáyà tèmi kò ní nǹkan kan lára, aṣọ ló bo gbogbo rẹ̀. Wọ́n tún ń ta èyí tí inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò. Ẹ fi abẹ fá a, bó bá funfun, ìdíwọ́ rẹ̀ yóò ju ti bàbà tó nípọn bákan náà lọ.

Nígbà tí mo ní kí wọ́n dá owó mi padà, ọmọ ṣọ́ọ̀bù ní wọn kì í gba ọjà tí wọ́n ti ṣí. Ọ̀gá tún fóònù ló wá sọ ohun tó yẹ kí wọ́n ti sọ kí n tó sanwó: ẹni tó ń fẹ́ kí fóònù dé orí bẹ́ẹ̀dì, kó fa ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n iná ilé lọ síbẹ̀, kó wá fi wáyà ṣájà kúkúrú sí i. Ní fóòtì 230, wáàtì 10 kò tó áḿpù 0.05, ohun tí wáyà gígùn lè jẹ níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ìyẹn ni pé kí gígùn náà wà láàárín iná ilé àti ṣájà, kó má wà láàárín ṣájà àti fóònù.

Wáyà náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Íápíìsì tí kì í fà ju áḿpù 0.1 lọ ń gba iná lórí rẹ̀ láìsí wàhálà, fáìlì ń gbà á kọjá láti inú kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ, aṣọ ara rẹ̀ kò sì tíì ya. Mo fún un ní 4 nínú 5. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù, 1.